Ìtakora Kì Í Ṣe Irọ́

Ní ọdún 2016, nígbà tí ẹjọ́ Laurent Gbagbo àti Charles Blé Goudé bẹ̀rẹ̀ ní Hague, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Treichville ni mo ti máa ń wò ó. Ọmọ Èjìgbò bíi tèmi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó rẹ̀. Àwòrán tí à ń wò máa ń fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́ ju ohun tó ń lọ nínú ilé ẹjọ́ gan-an, kí wọ́n lè ráyè gé orúkọ ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń dáàbò bò kúrò. Ọ̀nà méjì ni àwa òǹwòran pín sí. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n dá Gbagbo sílẹ̀ kíákíá, àwọn kan fẹ́ kó kú sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹnu wa ti máa ń kò. Bí agbẹjọ́rò kan bá ti gbé ìwé sókè, tó fi han ẹlẹ́rìí pé aago mẹ́sàn-án ló sọ nígbà yẹn, pé aago mẹ́wàá ló ń sọ lónìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á hó yèè: "Irọ́ ni! Ẹlẹ́rìí èké!"

Èmi náà hó. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ òfin nígbà yẹn, ó yẹ kí n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó pa ariwo mọ́ mi lẹ́nu ni ọjọ́ tí wọ́n gbé Bàbá Adjamé dúró níwájú adájọ́.

Bàbá Adjamé ni à ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, torí pé ọjà Adjamé ló ti ta ọjà fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn olè kan já ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀ lóru, ó sì lọ sọ ohun tó mọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kan. Yorùbá àti Júlà ni bàbá gbọ́. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Faransé ló fi kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù níta ni wọ́n pè wá kó wá ṣe ògbufọ̀. Bàbá tẹ̀ka sí i, ó lọ sílé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ pè é. Ó sọ níbẹ̀ pé òun gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà lóru, òun sì mọ̀ pé òun ni. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ṣí ìwé, ó kà á sókè pé nínú àkọsílẹ̀, bàbá ní òun "rí i, òun sì dá a mọ̀". Ó bi í pé èwo ni òótọ́, ṣé ó rí i ni àbí ó gbọ́ ọ? Bàbá ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Ògbufọ̀ ọjọ́ náà tún tú èyí sí ọ̀nà kẹta. Agbẹjọ́rò náà yíjú sí ìjókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí gbogbo ayé wá wo òpùrọ́. Ó sì fi ìbéèrè mẹ́tàdínlógún tẹ̀ lé e, lórí àwọ̀ ilẹ̀kùn, lórí iye àwọn olè, lórí bóyá òjò rọ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Adjamé ti búra pé bí wọ́n bá pa ènìyàn lójú òun, òun ò ní rí i.

Ohun tí mo wá jiyàn lé lórí nìyí: agbẹjọ́rò tó ń kó gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé àti ẹnu jọ, tó wá ń dà wọ́n lé ẹlẹ́rìí lórí, kò mọ iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó le jù. Kò le tó ni. Ìbéèrè tó ń tú ìtakora gidi síta ní ètò, ètò náà sì kúrú. Mo fẹ́ fi ètò náà hàn yín, kí ẹ lè máa dá iṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí eré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin ń wá, torí pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ló ń sọ bí yóò ṣe to ìbéèrè rẹ̀. Ní Nàìjíríà, abala 232 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba agbẹjọ́rò láyè láti bi ẹlẹ́rìí léèrè nípa ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ìwé náà hàn án. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fi ìwé náà ta ko ẹlẹ́rìí, dandan ni kó pe àkíyèsí rẹ̀ sí apá ibẹ̀ gan-an kó tó mú un wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Onubogu ní ọdún 1974, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹlẹ́rìí ò bá rí àlàyé gidi ṣe fún ìyàtọ̀ náà: ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ náà kò sì di òótọ́ nítorí pé ohun tó sọ lónìí ti wó. Méjèèjì ló ń ṣubú pọ̀. Agbẹjọ́rò Ìbàdàn tàbí ti Èkó tó ń gbèjà olùjẹ́jọ́ kò nílò kí adájọ́ gba ìwé gbọ́, kí ẹlẹ́rìí má ṣeé gbà gbọ́ mọ́ ti tó o.

Ọ̀dọ̀ tiwa ní Abidjan yàtọ̀. Ọmọ òfin Faransé ni òfin wa. Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti adájọ́ olùwádìí wà nínú fáìlì tí adájọ́ ti kà kí ẹlẹ́rìí tó wọlé. Adájọ́ àgbà ló ń darí ìbéèrè. Ohun tí ọkàn rẹ̀ bá gbà lẹ́yìn tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ló fi ń dájọ́, ó sì lè yan ìwé, ó lè yan ẹnu. Nínú òfin Faransé tí a ti jogún tiwa, abala 333 tilẹ̀ sọ pé adájọ́ àgbà lè ní kí akọ̀wé ilé ẹjọ́ kọ ìyípadà tó bá wà láàárín ohun tí ẹlẹ́rìí sọ tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ń sọ báyìí sílẹ̀, agbẹjọ́rò sì lè béèrè fún un. Nítorí náà, bí agbẹjọ́rò Abidjan bá kàn pariwo pé òpùrọ́ ni ẹlẹ́rìí, kò tíì ṣe nǹkan kan. Adájọ́ yóò ṣì padà sínú fáìlì, yóò mú èyí tó wù ú. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti fi han adájọ́ èwo nínú méjèèjì ló dúró, àti ìdí tó fi dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ètò náà fúnra rẹ̀. Kí n má baà fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹlẹ́rìí gidi kan, màá ṣẹ̀dá ẹlẹ́rìí kan lọ́kàn, ṣùgbọ́n màá gbé e sí ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2011, àwọn obìnrin kóra jọ ní oríta Banco ní Abobo, wọ́n ń wọ́de pé kí Gbagbo gbéjọba sílẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun kọjá, ìbọn dún, obìnrin méje sì kú. Ó wà lára ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n kà sí Gbagbo lọ́rùn ní Hague. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan tó ń ta atiẹkẹ nítòsí oríta náà sọ̀rọ̀ fún àwọn olùwádìí ní ọdún 2013, ó wá jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ ní ọdún 2016.

Ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò ń ṣe ni láti pín ojú ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá òsì, ó kọ ohun tí àkọsílẹ̀ 2013 sọ, ní ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà ìpínrọ̀. Ní àárín, ó kọ ohun tí ẹlẹ́rìí fi ẹnu sọ, pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà nínú àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́. Ní apá ọ̀tún, ó kọ ohun tó wà níta ẹnu ẹlẹ́rìí: àwòrán, ìwé dókítà, ìwé ìpè fóònù, máàpù. Apá ọ̀tún yìí ni àwọn ọ̀lẹ máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Láìsí i, ohun tí a mọ̀ kò ju pé ọ̀rọ̀ méjì yàtọ̀ síra. A ò tíì mọ èyí tó ṣìnà.

Nígbà tí a bá kó ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí jọ, ìyàtọ̀ márùn-ún ló yọ. Nínú ìwé, aago mẹ́sàn-án ni ìbọn dún. Ní ẹnu, aago mẹ́wàá. Nínú ìwé, ọkọ̀ mẹ́rin. Ní ẹnu, márùn-ún. Nínú ìwé, gèlè obìnrin kan pupa. Ní ẹnu, ó funfun. Nínú ìwé, ó ní "kọ̀ọ̀ abiyé" ló wà nínú ọkọ̀. Ní ẹnu, ó ní jándámù ni. Ìkarùn-ún ni pé nínú ìwé, ó ní bí ìbọn ṣe bẹ̀rẹ̀, òun dọ̀bálẹ̀ sínú gọ́tà, òun fi ọwọ́ bojú, òun kò sì gbórí sókè títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Ní ẹnu, ó ní òun rí jándámù kan tó dúró lórí ọkọ̀, tó yí ìbọn sí àwọn obìnrin, tó sì yìn ín.

Agbẹjọ́rò tó fẹ́ràn eré yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí aago, yóò sì rìn dé orí gèlè. Nígbà tó bá fi máa dé orí gọ́tà, ó ti rẹ adájọ́, ìyá náà ti ń sunkún, gbogbo ilé ẹjọ́ sì ti wà lẹ́yìn ìyá. Agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ yóò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣìnà níbí, kí ló máa wó nínú ẹjọ́ náà? Ṣé ẹnu ẹlẹ́rìí ni ìyàtọ̀ yìí ti wá, àbí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, àbí ẹnu ògbufọ̀? Ǹjẹ́ ohun kan wà ní apá ọ̀tún tó lè sọ èyí tó tọ́?

Gèlè kò wó nǹkan kan. Aago kò wó nǹkan kan, àfi bí ẹnìkan bá ń jiyàn pé ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun kò tíì débẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹni tí ìbọn ń dún sí létí kì í ka ọkọ̀. Gbogbo wọn kúrò nínú ètò. Àwọn ilé ẹjọ́ fúnra wọn, láti Èkó dé Hague, ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ìyàtọ̀ kékeré kì í ba ẹ̀rí jẹ́, pé ẹ̀rí tó bára mu ní gbogbo ọ̀nà láìyẹ̀ ló yẹ kó kọ adájọ́ lóminú.

Ti "kọ̀ọ̀ abiyé" gba ìfarabalẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn àjèjì ti máa ń ṣubú. Nínú Faransé tí à ń sọ ní Abidjan, gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba ni kọ̀ọ̀ abiyé: sójà, ọlọ́pàá, jándámù, títí kan àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kọ̀ọ̀ abiyé lánàá tó ní jándámù lónìí kò ta ko ara rẹ̀. Ó kàn dárúkọ tó ṣe pàtó ni. Bákan náà ni "ṣáà". Ní Paris, ọkọ̀ ogun tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn tó sì ní ìbọn ńlá lórí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Abobo, ọkọ̀ kankan tí wọ́n bá fi irin bò lára ni ṣáà, ìbáà jẹ́ táyà ló fi ń rìn. Bí ọ̀gágun kan bá wá jẹ́rìí pé ṣáà kankan kò kọjá ní oríta Banco, tí ìyá alátiẹkẹ sì ní òun rí ṣáà, àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Agbẹjọ́rò tó bá fi èyí pe ìyá ní òpùrọ́, èdè ìlú ni kò gbọ́.

Ohun tó kù ni gọ́tà. Òun nìkan ló wó nǹkan. Bí ìyá kò bá gbórí sókè, kò lè rí ẹni tó yìnbọn, ẹjọ́ yóò sì ní láti wá ẹni tó yìnbọn gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì. Ìtakora ni gọ́tà, kì í ṣe àfikún. Bí àkọsílẹ̀ bá dákẹ́ lórí ẹni tó yìnbọn, tí ìyá sì wá dárúkọ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́, àfikún nìyẹn. Àfikún kò ṣeé lò láì kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n bi í ní ìbéèrè náà nígbà yẹn. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ bí ìtàn kì í gbé ìbéèrè olùwádìí síta, ìdáhùn nìkan la ń rí. Ọ̀pọ̀ ohun tí agbẹjọ́rò ń pè ní "ẹ ò sọ ọ́ nígbà yẹn" kò ju pé ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ. Ṣùgbọ́n "n kò gbórí sókè" kì í ṣe ìdákẹ́. Ọ̀rọ̀ ni, ó sì ń ta ko "mo rí i".

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló sì ní.

Àkọ́kọ́ ni láti so ẹlẹ́rìí mọ́ ohun tó sọ lónìí, láìsí ìjà. "Màmá, ẹ sọ fún wa láàárọ̀ pé ẹ rí jándámù kan tó dúró lórí ọkọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Ojú ara yín lẹ fi rí i, kì í ṣe pé ẹnìkan ló sọ fún yín?" Ojú mi ni. "Nígbà tí ìbọn ń dún lọ́wọ́ ni ẹ rí i?" Nígbà náà ni. Ó parí. Bí agbẹjọ́rò bá yọ ìwé jáde kó tó béèrè èyí, ẹlẹ́rìí yóò rọra sún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́nà ìwé, ìtakora náà yóò sì yọ́ bí ọ̀rá lórí iná.

Èkejì ni láti fi ìdí ìwé múlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kánjú jù nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Bàbá Adjamé ti bàjẹ́. Agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìyá ni ìwé náà lóòótọ́. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀? Èdè wo? Ta ni ògbufọ̀, ṣé wọ́n gbọ́ ara wọn yé? Ṣé wọ́n ka gbogbo rẹ̀ padà fún un ní Júlà kó tó fọwọ́ sí i? Ohun tó lágbára jù ni bó bá ṣe àtúnṣe. Bí ìyá bá ti ní kí wọ́n tún orúkọ àdúgbò kan kọ ní ìpínrọ̀ kejìlá, a mọ̀ pé ó ń fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á. Ẹni tó tún ìpínrọ̀ kejìlá ṣe tó sì fi ti gọ́tà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Bí àwọn ìdáhùn wọ̀nyí bá sì burú, bó bá jẹ́ pé ọlọ́jà kan ni wọ́n pè láti òpópónà kó wá ṣe ògbufọ̀, tí wọn ò ka nǹkan kan padà, a jẹ́ pé ìwé náà ò lágbára. Kí agbẹjọ́rò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ló dára. Èyí ò rọrùn fún un láti ṣe, torí ó ti kọ ètò rẹ̀ tán. Ibí ni a ti ń mọ oníṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni láti ka ìpínrọ̀ náà jáde. Kí ó kà á tán pátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn dé òpin, kò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ méjì gbà. Bí ó bá gé e, agbẹjọ́rò kejì yóò dìde, yóò ka èyí tó kù, gbogbo ohun tó ti kọ́ yóò sì wó. Lẹ́yìn kíkà, ìbéèrè kan péré: "Màmá, ṣé ohun tí ẹ sọ ní ọdún 2013 nìyẹn?"

Ẹ̀kẹrin ni ibi tí èmi àti àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ti pínyà. Irving Younger, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tí òfin mẹ́wàá rẹ̀ lórí bíbi ẹlẹ́rìí léèrè gbajúmọ̀ kárí ayé, kìlọ̀ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí ṣàlàyé. Kí ó jókòó nígbà tí ìtakora ṣì ń ràn bí iná. Mo mọ̀dí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn aráàlú méjìlá tí wọ́n jókòó bí ìgbìmọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọn kì í sábà béèrè nǹkan kan, ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní Abidjan àti ní Hague, adájọ́ ló ń dájọ́, adájọ́ sì ní ẹnu. Bí agbẹjọ́rò bá jókòó láìbéèrè "kí ló dé?", adájọ́ àgbà ni yóò béèrè. Ẹlẹ́rìí yóò sì dáhùn nígbà tí agbẹjọ́rò ti jókòó, tí kò lè tẹ̀ lé ìdáhùn náà mọ́. Ní ilé ẹjọ́ tiwa, ẹni tí kò béèrè ìdí ń sá fún ìdáhùn ni, adájọ́ sì ń rí i pé ó ń sá.

Nítorí náà, kí ó béèrè, ṣùgbọ́n kí ó ti múra sílẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló sábà máa ń wá. Ìyá lè sọ pé ògbufọ̀ ló ṣì í gbọ́. Ìgbésẹ̀ kejì ti dáhùn ìyẹn. Ó lè sọ pé òun gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan. Agbẹjọ́rò yóò wo apá ọ̀tún ojú ìwé rẹ̀, yóò gbé máàpù síwájú, yóò béèrè ibi tí gọ́tà náà wà àti ohun tó dí ojú láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀. Ìdáhùn kẹta ni mo gbà pé ó níye lórí jù, òun ni ariwo kì í jẹ́ ká gbọ́ láéláé. Ìyá lè sọ pé nígbà tí wọ́n sin àwọn òkú tán, gbogbo àdúgbò jókòó nínú àgbàlá fún ọ̀pọ̀ alẹ́, wọ́n ń sọ ọ́, ẹni tó rí i ń sọ fún ẹni tí kò rí i, títí tí òun náà fi ń rí jándámù náà bí òun bá ti dijú. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Báyìí ni ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀fọ̀. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ti rí ohun tó ń wá gbà: ẹlẹ́rìí náà kò fojú rí ẹni tó yìnbọn. Adájọ́ rí òótọ́ gbà. Ìyá sì padà sílé pẹ̀lú iyì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é ní òpùrọ́ láti ìbéèrè àkọ́kọ́, kò ní sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń bá jà máa ń di ohun tó sọ mú gírígírí.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi agbẹjọ́rò máa sọ. Wọ́n á ní ohun kékeré ni wọ́n fi ń mú òpùrọ́ ńlá. Wọ́n á sì rán mi létí Richard Pigott, oníròyìn tó ta ayédèrú lẹ́tà tó fẹ́ fi ba Parnell, olóṣèlú ilẹ̀ Ireland, jẹ́. Ní ìlú London ní ọdún 1889, agbẹjọ́rò Charles Russell kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sórí bébà níwájú ilé ẹjọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì kọ nínú ayédèrú lẹ́tà náà, Pigott sì ṣì í kọ lọ́nà kan náà gan-an. Kò pẹ́ tó fi sá lọ sí Madrid, ibẹ̀ ló sì ti pa ara rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ kan ló bi ẹjọ́ ṣubú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lẹ́tà kékeré náà fọwọ́ kàn. Ẹjọ́ náà ni ta ló kọ ìwé, àṣìkọ náà sì dáhùn ta ló kọ ìwé. Kékeré ni nínú ìwọ̀n, kì í ṣe kékeré nínú ọ̀ràn. Russell kò bi Pigott nípa gèlè.

Ẹjọ́ Gbagbo fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí jù. Ẹlẹ́rìí méjìlélọ́gọ́rin ni àwọn olùpẹ̀jọ́ pè. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2019, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta, Cuno Tarfusser àti Geoffrey Henderson, dá Gbagbo àti Blé Goudé sílẹ̀. Adájọ́ Olga Herrera Carbuccia kò gbà pẹ̀lú wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ náà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2021. Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Treichville, àwọn kan yọ̀ pé àṣírí àwọn ẹlẹ́rìí èké ti tú, àwọn kan sì ké pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Abobo ṣeré. Àwọn méjèèjì ò ka ìdájọ́ náà. Àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù kò sọ pé kò sẹ́ni tó kú ní oríta Banco. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kò fi okùn tó so ìbọn wọ̀nyẹn mọ́ àwọn olùjẹ́jọ́ méjèèjì hàn, pé kò sí ẹ̀rí tó tó pé Gbagbo àti àwọn èèyàn rẹ̀ jọ pète láti kọlu aráàlú. Okùn náà ni ẹjọ́. Gbogbo aago mẹ́sàn-án àti aago mẹ́wàá tí a fi ń hó nínú ṣọ́ọ̀bù, ìkankan nínú wọn ò fọwọ́ kan okùn náà.

Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́rìí èké o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń purọ́, àwọn kan wà tí olóṣèlú fún lówó, ó sì yẹ kí agbẹjọ́rò tú wọn fó láìṣàánú. N kò sì fara mọ́ àwọn olùpẹ̀jọ́ tó máa ń dáhùn gbogbo ìtakora pé "ìbẹ̀rù ló fà á, ó ti pẹ́". Ìbẹ̀rù lè mú ènìyàn gbàgbé aago. Kì í mú ẹni tó fọwọ́ bojú rí ojú apànìyàn. Olùpẹ̀jọ́ tó bá rí irú ìtakora bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀, tó sì dákẹ́ sí i títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, òun ló ń ta ẹlẹ́rìí rẹ̀, kì í ṣe agbẹjọ́rò tó tú u síta.

Ohun méjì ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹjọ́ wa ní Abidjan. Kí wọ́n máa gba ohùn ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ̀rọ̀, Júlà, Báúlé, Bétè, Yorùbá, kí orúkọ ògbufọ̀ sì wà lórí ìwé. Ìtakora tó wà láàárín Faransé ọlọ́pàá àti Yorùbá bàbá arúgbó kì í ṣe ìtakora bàbá arúgbó. Èkejì, nígbà tí agbẹjọ́rò bá fẹ́ gbé ìwé sókè, kí adájọ́ kọ́kọ́ bi í léèrè: kí ni yóò wó nínú ẹjọ́ yìí bí ẹ bá borí? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó gbé ìwé náà sílẹ̀.

Wọ́n dá ọmọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn ní Adjamé náà sílẹ̀. Bóyá òun kọ́ ló jalè, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kí wọ́n bi Bàbá, tí ẹnikẹ́ni ò bi í: "Bàbá, ìgbà mélòó lẹ ti gbọ́ ohùn ọmọ yìí rí kó tó di òru ọjọ́ náà?" Mo bi í nílé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọmọ mi." Ìdáhùn tí agbẹjọ́rò náà fi ìbéèrè mẹ́tàdínlógún wá, tí kò rí, nìyẹn.